Ará Éjẹ́ńsì àti Ará Ilé: Ìmọ̀ràn Mẹ́jọ fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Under G Tó Ń Wáṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbé Under G ní Ogbómọ̀ṣọ́, yálà ẹ ṣì ń lọ sí LAUTECH tàbí ẹ ti sìnrúlú tán tí ẹ kò tíì kó kúrò ní yàrá tí ẹ háyà nígbà tí ẹ wà nílé ìwé, ẹ̀yin ni ìmọ̀ràn yìí wà fún. Ìdí gbígba ènìyàn síṣẹ́ ni mo ti jẹun ní Ìbàdàn àti Èkó, ìhà méjèèjì ni mo sì ti jókòó sí. Mo ti wà ní éjẹ́ńsì tó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ wá ènìyàn, mo sì ti wà nínú ilé iṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba òṣìṣẹ́. Ohun tí mo rí ni pé ìwé kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ yín ń kọ, ohùn kan náà lẹ sì fi ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀. Ìwé yẹn máa ń gùn jù fún ẹni tó wà ní éjẹ́ńsì, ó sì máa ń gbẹ jù fún ẹni tó wà nínú ilé iṣẹ́. Kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́ pọ̀, ẹni àkọ́kọ́ ni màá máa pè ní ará éjẹ́ńsì, ẹnì kejì ni màá máa pè ní ará ilé. Ìmọ̀ràn mẹ́jọ ni mo ní.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí owó ti ń wọlé fún ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀

Owó oṣù ni ará ilé ń gbà. Bó gba ènìyàn mẹ́wàá lóṣù yìí, bí kò sì gba ẹnì kankan, owó oṣù rẹ̀ kò yí padà. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kó gba ẹni tí kò yẹ. Bí ẹ bá dé ẹnu iṣẹ́ tí ẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe, tàbí tí ẹ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òun ni ọ̀gá ẹ̀ka náà yóò pè pé, “Irú ènìyàn wo lo mú wá fún mi yìí?” Yóò sì máa rí ọ̀gá náà lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tó fi máa ń lọ́ra, tó sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀ ní àbéèrètúnbéèrè.

Ti ará éjẹ́ńsì yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìgbà tí ilé iṣẹ́ bá gba ẹni tó mú wá ni owó tó wọ éjẹ́ńsì lọ́wọ́, owó náà sì sábà máa ń jẹ́ ìpín kan nínú owó ọdún àkọ́kọ́ ẹni náà. Ká ní owó oṣù jẹ́ ₦250,000. Owó ọdún kan jẹ́ ₦3,000,000. Bí àdéhùn bá jẹ́ ìpín 15 nínú 100, ₦450,000 ni ilé iṣẹ́ yóò san fún éjẹ́ńsì. Bí wọ́n bá gba ẹlòmíì tí éjẹ́ńsì mìíràn mú wá, kò sí kọ́bọ̀ kan fún un, bó tilẹ̀ ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe wàhálà lórí yín. Ìdí nìyí tó fi máa ń kánjú.

Alárinà ni ará éjẹ́ńsì, ará ilé sì ni ìyá ọkọ tí yóò bá ìyàwó gbé. Alárinà fẹ́ kí ọ̀rọ̀ so, ìyá ọkọ fẹ́ mọ irú ẹni tó ń bọ̀ wá sílé. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ni owó àwọn méjèèjì ti ń wá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ lọ́yà yín.

2. Ẹ wádìí irú ẹni tó ń kọ̀wé sí yín kí ẹ tó dáhùn

Ẹnu ará éjẹ́ńsì ni ẹ ó ti máa gbọ́ “oníbàárà wa kan ní Ìbàdàn” tàbí “ilé iṣẹ́ oúnjẹ ńlá kan” láìdárúkọ. Bí ẹ bá wo àwọn ìkéde tó ti ṣe sẹ́yìn, ẹ ó rí i pé ó wá akáǹtáǹtì lánàá, ó wá dírẹ́bà níjẹta, ó tún ń wá nọ́ọ̀sì lónìí, ní ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ará ilé máa ń dárúkọ ilé iṣẹ́, ẹ̀ka, àti ipò ọ̀gá tí ẹ ó máa jẹ́ iṣẹ́ fún. Ẹ wo àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀, lẹ́yìn àmì @, bóyá orúkọ ilé iṣẹ́ tó fẹ́ òṣìṣẹ́ ló wà níbẹ̀ àbí orúkọ mìíràn. Ẹ wo abẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí LinkedIn pẹ̀lú.

Ibi tí ìkéde wà kò tó láti fi mọ̀ wọ́n. Jobberman, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2009, jẹ́ pátákó tí ará éjẹ́ńsì àti ará ilé jọ ń lẹ ìkéde mọ́. Bí ojú yín kò bá tíì là sí i, ẹ béèrè tààrà: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ilé iṣẹ́ tiyín ló fẹ́ òṣìṣẹ́ ni, àbí ẹ ń bá oníbàárà wá ènìyàn?” Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò bínú sí ìbéèrè yìí.

Irú éjẹ́ńsì kan tún wà tó yẹ kí ẹ dá mọ̀. Òun ló ń fún òṣìṣẹ́ ní lẹ́tà, òun ló ń sanwó oṣù, ṣùgbọ́n báńkì tàbí ilé iṣẹ́ mìíràn ni òṣìṣẹ́ náà ń jí lọ. Iṣẹ́ kọ́ńtíráàkì ni à ń pè é. Ní ti irú èyí, éjẹ́ńsì gan-an ni ọ̀gá yín lábẹ́ òfin, kì í ṣe báńkì. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tí yóò wà lórí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kí ẹ tó kó ẹrù.

3. Ará éjẹ́ńsì: ẹ fún un ní ohun tó ṣeé gbé lọ

Ará éjẹ́ńsì kò ní fi ìwé gígùn yín ránṣẹ́ bó ṣe rí. Ìlà mẹ́ta sí márùn-ún ni yóò kọ nípa yín, yóò tò yín mọ́ ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún mìíràn, yóò sì fi síífì gbogbo yín tẹ̀ lé e. Nítorí náà, iṣẹ́ yín ni láti kọ ìlà mẹ́ta sí márùn-ún yẹn fún un. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, yóò gbìyànjú láti kọ ọ́ fúnra rẹ̀, tàbí kó fò yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ti kọ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀ràn kan yẹ̀ wò. Ká ní ọmọbìnrin kan ní Under G ka ìmọ̀ ẹ̀rọ oúnjẹ, ó ti sìnrúlú tán, ó sì rí ìkéde éjẹ́ńsì kan fún ẹni tí yóò máa yẹ ọjà wò kó tó jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní kúálítì kọ́ńtírólù, ní ilé iṣẹ́ oúnjẹ kan ní Ìbàdàn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ̀wé, ṣùgbọ́n ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ nìyí:

“Ẹ káàárọ̀ sà. Mo kọ̀wé nípa iṣẹ́ kúálítì kọ́ńtírólù ní Ìbàdàn. Mo gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ oúnjẹ ní LAUTECH, ipò kejì, ìpele òkè. Mo ti sìnrúlú tán, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣe oṣù 6 ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì, níbi tí mo ti ń yẹ ìyẹ̀fun àti bisikíìtì wò. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo wà; mo ní ibùgbé ní Òjóò, mo sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 1. Owó oṣù tí mo ń retí jẹ́ ₦230,000 sí ₦260,000. Kò sí éjẹ́ńsì mìíràn tó ti fi orúkọ mi sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà fún mi kí ẹ tó fi síífì mi ránṣẹ́ sí wọn.”

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: oyè, ìsìnrúlú, ìrírí, ibùgbé, ọjọ́ tó lè bẹ̀rẹ̀, àti owó. Ibùgbé ṣe pàtàkì fún wa níhìn-ín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀nà Ogbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn tó nǹkan bíi 100 kìlómítà, bí ará éjẹ́ńsì bá sì rí Ogbómọ̀ṣọ́ lórí síífì láìsí àlàyé, ohun tí yóò kọ́kọ́ rò ni pé ẹni yìí yóò máa pẹ́ dé tàbí kó sá lọ. Ìlà kan nípa Òjóò ti pa ìbẹ̀rù yẹn.

Ohùn tó bá a mu ni ohùn ẹni tó mọ ohun tó fẹ́. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kódà bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀ ẹ́. “Iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, màá ṣe é” kò wúlò fún un rárá, nítorí kò sí oníbàárà tó sọ fún un pé òun ń wá ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ yòówù. Ẹ sọ òtítọ́ tí ìwé yóò tú fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá ní ọdún àfikún nílé ìwé, ẹ sọ ọ́. Yóò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún oníbàárà rẹ̀ kó tó fi yín ránṣẹ́. Bí oníbàárà bá fi ojú ara rẹ̀ rí i, ará éjẹ́ńsì ni ìtìjú bá, kò sì ní pè yín mọ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro ilé, gbèsè, àti ìjà yín pẹ̀lú ọ̀gá àtijọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ohun tí ẹ bá sọ fún un lè dé etí ilé iṣẹ́.

Ó tún máa ń pe fóònù lójijì. Ẹ ní ìdáhùn lẹ́nu fún ìbéèrè mẹ́rin: ibo lẹ wà, kí lẹ lè ṣe, ìgbà wo lẹ lè bẹ̀rẹ̀, èló lẹ ń retí. Bí ariwo jẹnẹrétọ̀ bá pọ̀, ẹ ní kó fún yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ pè é padà, kí ẹ sì pè é lóòótọ́.

4. Ará ilé: ẹ sọ ìdí, ẹ fi ẹ̀rí kún un

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ọmọbìnrin wa kan náà rí ìkéde ilé iṣẹ́ bisikíìtì mìíràn, tí ará ilé wọn fọwọ́ sí fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìwé gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ará ilé kò kánjú láti mọ ọjọ́ tó lè bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ mọ bí ẹni yìí ṣe ń ronú, àti bóyá ilé iṣẹ́ tòun ló ń wá lóòótọ́. Owó kò gbọ́dọ̀ sí nínú ìwé àkọ́kọ́ yìí, àfi bí ìkéde bá béèrè rẹ̀. Ìpínrọ̀ tí yóò gbé ìwé náà dúró lè lọ báyìí:

“Ní ilé iṣẹ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́, bisikíìtì kan máa ń padà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà nítorí pé ó ti rọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni láti máa wọn omi inú bisikíìtì bó ṣe ń ti inú ààrò jáde, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, àkọsílẹ̀ náà fi hàn pé ọjọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ àpò ìyẹ̀fun tuntun ni omi máa ń ju ìpín 4 nínú 100 lọ. Mo fi han ọ̀gá mi. Láti ìgbà náà ni a ti ń wọn omi inú ìyẹ̀fun kó tó wọ ẹ̀rọ. Ìkéde yín sọ pé ẹni tí ẹ bá gbà yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ tí àwọn aláyẹ̀wò NAFDAC máa ń béèrè. Irú iṣẹ́ tí mo fẹ́ mọ̀ jinlẹ̀ nìyẹn, ìdí sì nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín.”

Kò sí ibì kan tó ti pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ takuntakun nínú ìpínrọ̀ yìí. Ó sọ ìṣòro kan, ohun tó ṣe, ohun tó rí, àti ohun tó yí padà. Ará ilé lè gbé e lọ bá ọ̀gá tó ń ṣàkóso ẹ̀rọ, ọ̀gá náà yóò sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ẹni yìí ti dúró nídìí ààrò rí. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, ọ̀gá kan náà ni yóò tú u nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ẹ̀rọ wo lẹ fi ń wọn omi náà?”

Ohun tí ẹ bá mọ̀ nípa ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ wá rí. Ẹ wo ọjà wọn ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Tákíè, ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn páálí rẹ̀, ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé “ilé iṣẹ́ yín lókìkí káàkiri,” ará ilé mọ̀ pé ẹ ti kọ ọ́ sí ogún ilé iṣẹ́ mìíràn. Ohùn ìwé yìí rọ̀ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di oríkì.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nílé ìwé, ìgbà tí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ó ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ SIWES, ètò tí àjọ ITF bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1973, ni ẹ ti lè kọ́ bí a ti ń kọ irú ìwé yìí. Ètò yẹn kì í gba ọ̀dọ̀ éjẹ́ńsì kọjá. Ará ilé ni ẹ ń kọ̀wé sí tààrà. Ẹ má da lẹ́tà ẹlẹ́gbẹ́ yín kọ.

5. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ owó fún àwọn méjèèjì

Ẹ sọ iye tí ẹ ń retí fún ará éjẹ́ńsì ní kíá. Oníbàárà ti sọ iye tó ní lọ́wọ́ fún un. Bí tiyín bá ga jù ú lọ, ó sàn kí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ lónìí ju kí ẹ wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn lásán. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. Ẹ padà sí ₦250,000 tí mo fi ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ní kó bá yín béèrè ₦20,000 kún un lóṣooṣù, ₦240,000 ni yóò fi kún owó ọdún yín. Ohun tí yóò fi kún ti éjẹ́ńsì jẹ́ ₦36,000 péré. Bí ilé iṣẹ́ bá bínú tí wọ́n sì mú ẹlòmíì, ₦450,000 ló pàdánù. Nítorí náà, bó bá ń rọ̀ yín pé kí ẹ gba ohun tí wọ́n fi lọ̀ yín, kì í ṣe pé ó kórìíra yín. Ìṣirò ló ṣe. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe tiyín: ẹ ti mọ iye tí ẹ kò ní sọ̀ kalẹ̀ kọjá kó tó pè, kí ẹ sì sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ará ilé ní ìpele owó oṣù tí wọ́n ti tò sílẹ̀ fún ipò kọ̀ọ̀kan, kò sì lè fún yín ju ẹni tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ náà bọ̀ lọ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ìjà má bàa dé. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti fi hàn pé wọ́n fẹ́ yín kí ọ̀rọ̀ owó tó wáyé, kí ẹ sì béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ìpele wo ni owó oṣù ipò yìí wà, láti iye sí iye?” Bí ó bá fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín, ẹ sọ iye méjì tó ní àlàfo láàárín.

Lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ẹ béèrè bóyá iye náà jẹ́ kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ìpín 8 nínú 100 lára òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìpín 10 kún un. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ kọ́ńtíráàkì, ẹ béèrè lọ́dọ̀ éjẹ́ńsì iye tí yóò wọ àkáǹtì yín gan-an, àti orúkọ ilé iṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì náà. Ẹni tí kò rí èsì ìbéèrè kejì fún yín, ó ṣeé ṣe kó má máa san owó náà.

6. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yín gba ọ̀nà méjì wọ ilé iṣẹ́ kan

Èyí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ yín, ẹ kì í sì í mọ̀ pé òun ni. Ará éjẹ́ńsì fi síífì yín ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́rú, ẹ rí ìkéde ilé iṣẹ́ náà, ẹ sì kọ̀wé tààrà sí ará ilé, nítorí ẹ rò pé ọ̀nà méjì dára ju ẹyọ kan lọ. Àdéhùn tó wà láàárín ilé iṣẹ́ àti éjẹ́ńsì sábà máa ń sọ pé ẹni tí éjẹ́ńsì bá kọ́kọ́ mú wá, tirẹ̀ ni fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Ará ilé wá ní síífì méjì tó ní orúkọ kan náà lọ́wọ́. Bó gbà yín, éjẹ́ńsì yóò béèrè ₦450,000 rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá kọ̀, ìjà dé. Bó bá jẹ́ éjẹ́ńsì méjì ló fi yín ránṣẹ́, àwọn méjèèjì yóò ní àwọn ló ni yín. Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ará ilé ni kó gbé síífì yín sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó sì mú ẹni tí kò ní wàhálà.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ọjọ́, orúkọ ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀, ilé iṣẹ́, ipò, àti iye owó tí ẹ dá sí i. Kí ẹ tó fún éjẹ́ńsì láyè láti fi yín ránṣẹ́, ẹ gba orúkọ ilé iṣẹ́, kí ẹ sì fọwọ́ sí i lórí Wásáàpù tàbí ímeèlì, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àwọn kan kì í fẹ́ dárúkọ, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù kí ẹ má gba ẹ̀yìn wọn lọ. Fún irú wọn, ẹ dárúkọ tiyín: “Mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ mẹ́ta wọ̀nyí fúnra mi. Bí oníbàárà yín bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi ránṣẹ́.” Bó bá sì fọkàn tán yín tó dárúkọ, ẹ má gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ bá ará ilé. Wọn yóò béèrè ibi tí ẹ ti gbọ́, ẹnu yín yóò sì há.

7. Ìgbà tó yẹ kí ẹ béèrè èsì

Lọ́dọ̀ ará éjẹ́ńsì, ẹ lè béèrè lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ní ìlà kan. Bí ẹ bá jáde níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀, ẹ pè é lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sọ ohun tí wọ́n béèrè àti ibi tí ìdáhùn yín ti mẹ́hẹ. Ó ṣì lè bá yín tún un sọ fún wọn. Bí kò bá dáhùn rárá, ó túmọ̀ sí pé wọn kò mú yín, tàbí wọn kò tíì fún òun náà lésì. Ẹ má bá a jà. Ó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, bí ẹ bá sì gba ìwé ẹ̀rí tuntun tàbí ẹ kó lọ sí ìlú mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ sọ fún un.

Lọ́dọ̀ ará ilé, ẹ kọ ìwé ìdúpẹ́ ráńpẹ́ láàárín ọjọ́ kan, kí ẹ mẹ́nu kan ohun kan tí ẹ jọ sọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró de ọjọ́ tó dá fún yín. Bí kò bá dá ọjọ́, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀gá ẹ̀ka gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àwọn tó ń ṣọ́ owó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n sì lè kọ̀wé sí àwọn tí ẹ fi ṣe onígbọ̀wọ́. Ìpè ojoojúmọ́ kò lè mú ọ̀kan nínú wọn yá.

8. Ẹ má sanwó fún iṣẹ́, ẹ má sì fi àṣírí yín ṣòfò

Àǹfààní kan wà nínú mímọ ibi tí owó ti ń wọlé fún wọn. Bí ilé iṣẹ́ bá ń san ₦450,000 fún éjẹ́ńsì, kí ló wá fẹ́ fi ₦5,000 yín tó pè ní owó fọ́ọ̀mù ṣe? Ẹni tó ń jẹun lọ́dọ̀ àwọn tó ń wáṣẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ríṣẹ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni dá éjẹ́ńsì tó ń gba owó sílẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ìforúkọsílẹ̀ ní CAC kì í ṣe àṣẹ yẹn. CAC kàn ń jẹ́rìí pé ilé iṣẹ́ wà ni. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Bí ẹni tó pè yín bá ní Lọ́ńdọ̀nù lòun wà, òfin éjẹ́ńsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1973 kò gbà kí éjẹ́ńsì gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ nítorí pé ó bá a ríṣẹ́. Orúkọ àwọn agbanisíṣẹ́ tó ní àṣẹ láti mú àjèjì wọ ilẹ̀ náà sì wà nínú ìwé tí ìjọba wọn gbé síta fún gbogbo ènìyàn.

Iṣẹ́ ìjọba pàápàá kò yọ sílẹ̀. Nígbà tí àjọ tó ń rí sí wíwọlé-wọ̀de ń gba òṣìṣẹ́ ní ọdún 2014, ₦1,000 ni olúkúlùkù san láti fi orúkọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ 15 oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n rọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ sí pápá ìṣeré káàkiri ìlú ńlá fún ìdánwò, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹ̀mí sì bọ́. Owó tí wọ́n san kò sún ẹnikẹ́ni mọ́ iṣẹ́.

Bákan náà ni àṣírí. Síífì kò nílò BVN, kò nílò nọ́ńbà NIN, kò nílò àwòrán káàdì báńkì. Ìgbà tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ bá ti dé ọwọ́ yín ni ilé iṣẹ́ lè béèrè NIN àti nọ́ńbà àkáǹtì. Ẹni tó bá béèrè wọn ṣáájú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, yálà ó pe ara rẹ̀ ní ará éjẹ́ńsì tàbí ará ilé, ẹ má dá a lóhùn. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ti ọdún 2023 sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí éjẹ́ńsì tí ẹ kò bá ṣe mọ́ pa síífì yín rẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ kọ ìwé méjì sílẹ̀: èyí kúkúrú tó ní oyè, ìsìnrúlú, ìrírí, ibùgbé, ọjọ́ àti owó fún ará éjẹ́ńsì, èyí tó sọ ìṣòro kan tí ẹ yanjú àti ìdí tí ẹ fi fẹ́ ilé iṣẹ́ náà fún ará ilé. Nígbàkigbà tí ìkéde bá jáde, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó fọwọ́ sí i, kí ẹ tó mọ èyí tí ẹ ó fi ránṣẹ́.